Bí A Ṣe Ń Kọ Àpèjúwe Ọjà Orí Íńtánẹ́ẹ̀tì Tí Yóò Dé Ọ̀dọ̀ Olùrà: Àpẹẹrẹ Kòkó Lílọ̀ láti Àkúrẹ́

Ní ọjà ojúkojú bí irú Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́, ẹnu ìyálọ́jà ni ó ń parí iṣẹ́ tí ọjà fúnra rẹ̀ kò lè ṣe. Bí oníbàárà bá gbé àpò kòkó lílọ̀ dání tó sì ń yí i síwá sẹ́yìn, ìyálọ́jà ti mọ ohun tó ń kọ ọ́ lóminú, yóò sì dá a lóhùn kó tó béèrè: "Ẹ má wo bó ṣe pọ́n yẹn, mà, bí kòkó tí a ò po nǹkan kan mọ́ ṣe máa ń rí nìyẹn." Lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kò sí ẹni tí yóò wo ojú oníbàárà bẹ́ẹ̀. Àwòrán àti ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni yóò dá a lóhùn, bí ọ̀rọ̀ náà kò bá sì kan ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, yóò kọjá sí ìsọ̀ ẹlòmíràn láìsọ nǹkan kan fún wa.

Kòkó lílọ̀ ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ìtọ́sọ́nà yìí. Ilẹ̀ kòkó ni ìpínlẹ̀ Oǹdó, láti Ìdànrè dé Oǹdó títí dé Ilé Olújìí, nítorí náà ọjà tí ọ̀pọ̀ nínú àwa tó ń kàwé yìí lè fọwọ́ kàn ni. Ìdí kejì ni pé ó jẹ́ ọjà tí ó rọrùn láti sọ àsọdùn nípa rẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni àwọn tó ń kọ àpèjúwe ti máa ń ṣìnà. Ẹ jẹ́ ká gbà pé arábìnrin kan ń dì í ní àpò 250 gíráàmù ní àgbègbè Alágbàkà, tó ń tà á lórí Wáásáàpù, tí àpèjúwe rẹ̀ sì lọ báyìí:

"Kòkó lílọ̀ aláìlábùlà. 250 gíráàmù. Ojúlówó ni. Ó kún fún èròjà aṣaralóore. Ó dára fún tọmọdé tàgbà. 5,000 náírà. Ẹ kàn sí wa."

Kò sí irọ́ kan pàtó nínú rẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn àbùdá ọjà náà wà níbẹ̀ ní tútù, bí ìwọ̀n àti àìlábùlà, ìyìn tó kù sì jẹ́ èyí tí ẹnikẹ́ni lè fi yin ohunkóhun. Bí ẹ bá yọ kòkó kúrò nínú rẹ̀ tí ẹ fi oyin tàbí ẹlùbọ́ sí i, gbogbo rẹ̀ ṣì dúró ṣinṣin. Àpèjúwe tó bá lè dúró bẹ́ẹ̀ lórí ọjà mìíràn kò tíì sọ ohunkóhun nípa ti wa.

## Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ fi ọwọ́ àti òṣùwọ̀n kó òtítọ́ ọjà náà jọ

Kí a tó kọ gbólóhùn kan, ó yẹ kí a lo ọjà náà bí oníbàárà yóò ṣe lò ó, kí a sì kọ ohun tí a bá rí sílẹ̀ pẹ̀lú iye rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń tajà kì í ṣe èyí, nítorí wọ́n gbà pé àwọn ti mọ ọjà àwọn. Ṣùgbọ́n mímọ ọjà láti ẹ̀yìn káńtà yàtọ̀ sí mímọ̀ ọ́n láti inú ilé ìdáná.

Ní ti kòkó yìí, ẹ gbé òṣùwọ̀n kékeré tí wọ́n fi ń wọn nǹkan ilé ìdáná jáde, kí ẹ bu ṣíbí ìjẹun mẹ́wàá tí ẹ fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ rẹ́ lójú, kí ẹ sì wọ̀n ọ́n pọ̀. Ìdí tí a fi ń wọn mẹ́wàá pọ̀ ni pé òṣùwọ̀n ilé kì í mọ ìyàtọ̀ gíráàmù kan sí méjì dáadáa, ṣùgbọ́n bí a bá pín àròpọ̀ sí mẹ́wàá, àṣìṣe rẹ̀ á kéré. Ká ní mẹ́wẹ̀ẹ̀wá wọn 60 gíráàmù, a jẹ́ pé ṣíbí kan jẹ́ gíráàmù mẹ́fà. Àpò 250 gíráàmù yóò fún wa ní ṣíbí 41 àti díẹ̀. Ẹ kọ 40 sílẹ̀, nítorí pé díẹ̀ yóò lẹ̀ mọ́ ara àpò, àti pé ó sàn kí oníbàárà rí ṣíbí kan lé ju kí ó rí ṣíbí kan dín lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ po ife kan. Ẹ da omi gbígbóná lé e lórí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí ẹni tó ń po tíì inú agolo, ẹ ó sì rí i pé kòkó náà léfòó, ó ta kókó kéékèèké, inú kókó náà sì gbẹ bí ẹni pé omi kò kàn án. Ọ̀rá tó wà nínú kòkó ni kì í jẹ́ kí omi wọ̀ ọ́ kíákíá. Ẹ wá po ife kejì: ẹ kọ́kọ́ bu omi gbígbóná tó ṣíbí méjì lé kòkó náà, ẹ fi ṣíbí tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ife títí yóò fi di bí ọṣẹ rírọ̀, kí ẹ tó da omi tó kù sí i díẹ̀díẹ̀. Eléyìí yóò jọ̀lọ̀. Ẹ kọ ohun méjèèjì sílẹ̀, nítorí pé oníbàárà tó bá ṣe ti àkọ́kọ́ yóò sọ pé wọ́n po nǹkan mìíràn mọ́ kòkó fún òun.

Ẹ wo àwọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú, kí ẹ sì tọ́ ọ wò láìfi súgà sí i. Kòkó tí wọn kò fi nǹkan kan pa ìkan inú rẹ̀ máa ń ní àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, ó máa ń korò, ó sì máa ń kan díẹ̀ lórí ahọ́n. Èyí tó dúdú kirikiri tó sì tutù lẹ́nu jẹ́ èyí tí ilé iṣẹ́ ti fi èròjà tó ń pa ìkan sí. Àwọn méjèèjì jẹ́ kòkó gidi. Ṣùgbọ́n bí oníbàárà bá ti mọ ọ̀kan mọ́ra, èkejì yóò jọ ayédèrú lójú rẹ̀, àyàfi bí a bá ti sọ fún un ṣáájú.

Ní ìparí ìgbésẹ̀ yìí, ìwé yín yóò ní nǹkan bí ohun méje: kòkó nìkan ló wà nínú àpò, kò sí súgà tàbí mílíìkì, ó tó bí ife 40, ṣíbí kan sí ife kan, ó gba pípò ṣáájú, àwọ̀ àti adùn rẹ̀ rí báyìí, àpò náà ní ìdè tí a ń tẹ̀ pa, a kọ ọjọ́ tí a lọ̀ ọ́ sára rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ni àbùdá. A kò tíì kọ àpèjúwe.

## Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ mú olùrà kan ṣoṣo

"Tọmọdé tàgbà" kì í ra nǹkan. Ẹnì kan ni ó ń ra nǹkan, nítorí ìṣòro kan tó ní. Kòkó kan náà yìí, ó kéré tán, ní olùrà méjì tí ọ̀rọ̀ wọn kò papọ̀. Àkọ́kọ́ ni ìyá tó ń po tíì fún àwọn ọmọ kí wọ́n tó lọ sílé ìwé, tí ó ń ro ti súgà tó pọ̀ nínú tíì inú agolo àti owó tó ń ná lé e lórí. Èkejì ni ẹni tó ń ṣe kéèkì fún títà, bóyá ní àgbègbè FUTA, tó ń fẹ́ kí kéèkì òun wú kó sì ní adùn kòkó gidi.

Ohun tó jẹ́ àǹfààní fún ọ̀kan lè má kan èkejì rárá. Ìkan inú kòkó yìí, fún àpẹẹrẹ, jẹ́ ohun tí a ní láti ṣàlàyé fún ìyá kó má baà bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n fún ẹni tó ń ṣe kéèkì, ìkan náà ni ó ń bá sóódà ìyan-kéèkì ṣiṣẹ́ pọ̀ tí afẹ́fẹ́ fi ń wọ inú kéèkì tó sì ń wú. Bí ó bá fi kòkó dúdú tí wọ́n ti pa ìkan rẹ̀ ṣe kéèkì tó jẹ́ pé sóódà nìkan ló wà nínú rẹ̀, kò sí ìkan tí sóódà yóò bá ṣiṣẹ́, kéèkì lè jókòó pẹrẹsẹ. Ọ̀rọ̀ ńlá nìyí fún un, ìyá ọmọ kò sì fẹ́ gbọ́ ọ.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí a má gbìyànjú láti kó àwọn méjèèjì sínú àpèjúwe kan. Ẹ kọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ sì di ti oníkéèkì ní ìwọ̀n tó bá iṣẹ́ rẹ̀ mu, bí kílò kan. Nínú ìyókù ìtọ́sọ́nà yìí, ti ìyá ọmọ ni a ó máa bá lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, ẹ má jókòó kí ẹ máa fọkàn yàwòrán. Ẹ lọ sínú fóònù yín, ẹ ka gbogbo ìbéèrè tí àwọn oníbàárà ti fi ránṣẹ́ kí wọ́n tó ra ọjà àti lẹ́yìn tí wọ́n rà á. "Ẹ káàsán mà, ṣé súgà ti wà nínú rẹ̀?" "Àǹtí, báwo ni mo ṣe máa pò ó? Tèmi ń ta kókó." "Ṣé á tó oṣù kan?" Ẹ da wọ́n kọ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe béèrè rẹ̀, láìtún ọ̀rọ̀ wọn ṣe, nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ni yóò wọ inú àpèjúwe. Bí ìyá bá pè é ní "tíì", ẹ má lọ kọ "ohun mímu afúnnilókun" sílẹ̀ fún un.

## Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ béèrè "Kí ló wá kàn mí níbẹ̀?" títí ẹ ó fi dé inú ilé rẹ̀

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an nìyí. Ẹ mú àbùdá kọ̀ọ̀kan tí ẹ kọ sílẹ̀, kí ẹ fi í síwájú ìyá náà, kí ẹ sì jẹ́ kó bi yín pé, "Kí ló wá kàn mí níbẹ̀?" Ẹ dá a lóhùn. Kó tún bi yín. Ẹ tún dá a lóhùn, títí ìdáhùn yóò fi jẹ́ ohun tí ó lè rí tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé ìdáná rẹ̀ tàbí nínú àpamọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ti súgà. Àbùdá: kò sí súgà nínú àpò náà. Kí ló wá kàn mí? Ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ ó máa fi súgà sí i. Kí ló wá kàn mí nínú ìyẹn, ṣebí wàhálà ni? Wàhálà díẹ̀ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ ó pinnu bí yóò ṣe dùn tó, ife kan sí èkejì. Kí ló wá kàn mí? Ẹ lè fi ṣíbí kékeré kan sí ti ọmọ, kí ẹ fi oyin sí ti ìyá àgbà, kí bàbá sì mu tirẹ̀ ní kíkorò, láti inú àpò kan ṣoṣo. Ibí yìí ni a ó ti dúró. Ìyá náà ti rí ilé ara rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà, gbogbo ohun tí a sọ ni ó sì lè fi ojú ara rẹ̀ rí.

Ìwọ̀n náà ńkọ́? Àpò yìí jẹ́ 250 gíráàmù. Díẹ̀ nínú àwọn ènìyàn ni ó lè fojú inú wo 250 gíráàmù, nítorí náà nọ́ńbà yìí nìkan kò sọ fún wọn bóyá 5,000 náírà pọ̀ tàbí kò pọ̀. Ó tó ife 40. Kí ló wá kàn mí? Bí ọmọ méjì bá ń mu ife kọ̀ọ̀kan ní àárọ̀ ọjọ́ márùn-ún tí wọ́n ń lọ sílé ìwé, ife mẹ́wàá ni wọ́n ń mu lọ́sẹ̀, àpò kan á sì gbé wọn dé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. A tún lè pín 5,000 sí 40, kí a rí i pé kòkó inú ife kan jẹ́ 125 náírà. Mo fẹ́ràn ti ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ju ti owó lọ, nítorí ìyá máa ń ra nǹkan ilé ní oṣù sí oṣù, àti pé 125 náírà náà kò ka súgà àti mílíìkì mọ́ ọn. Bí ẹ bá máa lo ti owó, ẹ sọ ọ́ gbangba pé kòkó nìkan ni ẹ ṣírò.

Ti àpò tó ní ìdè rọrùn láti dáhùn. Kòkó máa ń fa ọ̀rinrin. Ní ìgbà òjò ní Àkúrẹ́, àpò tó bá wà ní ṣíṣí sílẹ̀ lórí tábìlì yóò di ìṣù. Nítorí náà, ìdè yẹn túmọ̀ sí pé kòkó náà kò ní dì lójú òjò, bí wọ́n bá ń fi ṣíbí gbígbẹ bù ú. Ẹ má ṣe yọ gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn kúrò. Àǹfààní tó bá ní "bí" nínú, ẹ kọ "bí" náà sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, nítorí ẹni tó fi ṣíbí tútù bù ú tó sì bà jẹ́ yóò di ẹ̀bi ru ẹni tó tà á.

Àwọn àbùdá kan wà tí yóò kú sójú ọ̀nà bí a bá ti bi wọ́n léèrè, ó sì yẹ kí a jẹ́ kí wọ́n kú. "Láti Ìdànrè" jẹ́ ọ̀kan. Inú èmi náà dùn sí orúkọ Ìdànrè, ṣùgbọ́n kí ló kàn ìyá tó wà ní Ìbàdàn tàbí Èkó níbẹ̀? Bí ẹni tó ń tà á bá mọ àgbẹ̀ tí òun ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀, tó mọ bí wọ́n ṣe sá èso náà gbẹ, tó sì kọ ọjọ́ tí wọ́n lọ̀ ọ́ sára àpò, a jẹ́ pé orúkọ ìlú náà ní ohun tó ń gbè é lẹ́sẹ̀: ọjà náà ní ìpìlẹ̀, ó sì ṣeé tọpa. Bí ó bá jẹ́ pé ọwọ́ alágbàtà ni ó ti rà á láìmọ ibi tó ti wá, kí ó fi Ìdànrè sílẹ̀. Ohun tí ọjọ́ lílọ̀ ń ṣe fún olùrà hàn kedere: òórùn kòkó máa ń lọ díẹ̀díẹ̀, ẹni tó bá rí ọjọ́ náà yóò mọ̀ pé tòun kò tíì pẹ́ nílẹ̀.

## Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ mọ ibi tí ìdáhùn gbọ́dọ̀ ti dúró

Ìbéèrè "Kí ló wá kàn mí?" ní ewu kan. Bí a bá ń dáhùn rẹ̀ lọ láìsí ìdènà, yóò gbé wa kọjá ohun tí a lè fi hàn. Ẹ wo ti súgà lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí a kò bá dúró sí ibi tí a dúró sí, ìdáhùn tó kàn ni pé ara yín yóò dá, èyí tó tẹ̀ lé e ni pé ó dára fún àtọ̀gbẹ, èyí tó kẹ́yìn ni pé ó ń wo àtọ̀gbẹ. Láàárín ìgbésẹ̀ mẹ́ta péré, a ti kúrò ní òtítọ́ dé ibi tí a lè ti pa ènìyàn lára, nítorí ẹnì kan lè torí rẹ̀ fi oògùn rẹ̀ sílẹ̀.

Òfin pẹ̀lú wà níbẹ̀. NAFDAC kò gba ẹni tó ń ta oúnjẹ láyè láti sọ pé oúnjẹ náà ń dènà àrùn tàbí pé ó ń wò ó. Òfin ìjọba àpapọ̀ lórí ìdíje àti ìdáàbòbò oníbàárà, ti ọdún 2018, sì kọ àpèjúwe tó ń ṣi oníbàárà lọ́nà. Ó ní ọjà tí a bá fi àpèjúwe tà gbọ́dọ̀ bá àpèjúwe náà mu. Àwòrán àti ọ̀rọ̀ tí ẹ fi ránṣẹ́ lórí Wáásáàpù jẹ́ ẹ̀rí tí oníbàárà lè tọ́jú pamọ́.

Àsọdùn kan tún wà tí kì í jọ àsọdùn. Mo ti rí i níbi tí wọ́n kọ ọ́ pé kòkó ní alẹ́ ń jẹ́ kí ọmọ sùn fọnfọn. Mílíìkì lílọ́wọ́ọ́rọ́ lè tu ọmọ lára lóòótọ́, ṣùgbọ́n kòkó fúnra rẹ̀ ní kaféènì díẹ̀, irú èròjà tó wà nínú kọfí tí kì í jẹ́ kí oorun kunni, àti òmíràn tó fara jọ ọ́. Ẹni tó bá kọ irú ọ̀rọ̀ yìí kò wádìí. Bí ẹ bá ń ta kòkó fún ọmọdé, ti àárọ̀ ni kí ẹ bá wọn sọ.

Ìwọ̀n tí mo máa ń lò rọrùn. Lórí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, ẹ bi ara yín bóyá oníbàárà lè rí ohun tí ẹ sọ yìí fúnra rẹ̀ láàárín oṣù kan tó bá lo ọjà náà. Ó lè ka ife. Ó lè rí i pé kò ta kókó. Ó lè rí i pé kò dì nígbà òjò. Kò lè rí i pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti mọ́. Èyí tí kò bá lè rí, ẹ yọ ọ́.

## Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ wá kọ ọ́, kí ẹ sì fi ohun tó lágbára jù síwájú

Lórí kátálọ́ọ̀gì Wáásáàpù, orúkọ ọjà, iye rẹ̀ àti ìbẹ̀rẹ̀ àpèjúwe nìkan ni ó ń hàn kí oníbàárà tó tẹ ọjà náà láti rí ìyókù. Nítorí náà, bí ẹ bá fi "Ẹ káàbọ̀ sí ìsọ̀ wa, inú wa dùn láti..." bẹ̀rẹ̀, ẹ ti fi ìkíni jẹ àyè tó dára jù lọ tí ẹ ní. Ẹ fi orúkọ ọjà sí orí pẹ̀lú ohun tí wọ́n ń béèrè jù, kí gbólóhùn àkọ́kọ́ sì jẹ́ àǹfààní tó ga jù fún ìyá náà. Àbùdá gbọ́dọ̀ wà nítòsí àǹfààní kọ̀ọ̀kan, nítorí òun ni ẹ̀rí rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ó pinnu bí yóò ṣe dùn tó; kí ló dé? Nítorí pé kòkó nìkan ló wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá yọ ìdí yìí kúrò, ọ̀rọ̀ náà á di ẹnu dùn-ún ròfọ́.

Lẹ́yìn àǹfààní, ẹ kọ ohun tó lè bí i nínú bí kò bá mọ̀ ọ́n ṣáájú. Àwọn tó ń tajà máa ń bẹ̀rù apá yìí, ṣùgbọ́n àwọ̀ pupa àti ìkorò tí a sọ ṣáájú ni kì í jẹ́ kí ọjà padà wá. Àpèjúwe náà wá rí báyìí:

"Kòkó lílọ̀ láìsí súgà, 250 gíráàmù, bí ife 40

Ẹ̀yin lẹ ó pinnu bí tíì àwọn ọmọ yín yóò ṣe dùn tó, nítorí kòkó nìkan ló wà nínú àpò yìí: a kò fi súgà sí i, a kò fi mílíìkì sí i. Ẹ lè fi ṣíbí súgà kékeré kan sí ti ọmọ, kí ẹ fi oyin sí ti ìyá àgbà, kí bàbá mu tirẹ̀ ní kíkorò.

Ṣíbí ìjẹun kan tí a rẹ́ lójú tó ife kan. Bí ọmọ méjì bá ń mu ife kọ̀ọ̀kan ní àárọ̀ ọjọ́ ilé ìwé, àpò kan á gbé wọn dé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.

Kó má baà ta kókó, ẹ kọ́kọ́ bu omi gbígbóná ṣíbí méjì lé e, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ife títí yóò fi jọ̀lọ̀, kí ẹ tó da ìyókù omi tàbí mílíìkì sí i.

Àwọ̀ rẹ̀ pọ́n díẹ̀, ó sì korò bí ẹ bá tọ́ ọ wò lásán. Bí kòkó tí wọn kò pa ìkan rẹ̀ ṣe máa ń rí nìyẹn.

Àpò náà ní ìdè. Ẹ fi ṣíbí gbígbẹ bù ú, kí ẹ tẹ ìdè rẹ̀ pa, kò ní dì bí òjò bá ń rọ̀. Ọjọ́ tí a lọ̀ ọ́ wà lẹ́yìn àpò.

5,000 náírà. À ń gbé e wá sílé yín ní Àkúrẹ́. Ti ìlú mìíràn, a máa ń fi ránṣẹ́ láti gáréèjì, ẹ ó sì mọ iye owó ọkọ̀ kí ẹ tó sanwó."

Ẹ ó rí i pé "ojúlówó" kò sí níbẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni "èròjà aṣaralóore". Gbogbo ohun tí wọ́n ń gbìyànjú láti sọ ni àwọ̀, ìkorò, ọjọ́ lílọ̀ àti iye ife ti sọ. Bí ọjà yín bá ní nọ́ńbà NAFDAC, ẹ kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe wà lára àpò, nítorí ẹni tí kò mọ̀ yín rí yóò wá a.

## Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ jẹ́ kí ìbéèrè oníbàárà tún un ṣe

Kí ẹ tó gbé e jáde, ẹ ka àpèjúwe náà sókè fún ẹnì kan tí kò lo irú ọjà yìí rí, kí ẹ gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì ní kó sọ fún yín bí yóò ṣe po ife kan àti bí ìgbà tí àpò yóò fi tán ti máa pẹ́ tó. Ibi tí ó bá ti dúró tó ń ronú ni gbólóhùn tí ẹ ní láti tún kọ.

Nígbà tó bá ti jáde, ìbéèrè tó ń wọlé ni òṣùwọ̀n yín. Bí wọ́n bá ṣì ń béèrè bóyá súgà wà nínú rẹ̀, ìdáhùn náà kò sí níbi tí ojú ń kọ́kọ́ bọ́ sí. Ẹ gbé e gòkè, bóyá sára àwòrán gan-an. Bí ìbéèrè bá dín kù ṣùgbọ́n tí ẹni tó ń rà kò pọ̀ sí i, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé owó ọkọ̀ ni wọ́n ń sá fún, kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ. Bí wọ́n bá rà á tán tí wọ́n ń ráhùn pé ó ta kókó, ìlànà pípò kò hàn tó. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé pélébé kan kí ẹ fi lẹ̀ mọ́ àpò, nítorí ẹni tó ń po tíì ní àárọ̀ kò ní ṣí fóònù. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ fún un ní bí ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ kò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́.

Àwọn nọ́ńbà inú rẹ̀ kò ní dúró sójú kan. Ní ọdún 2024, iye kòkó lórí ọjà àgbáyé kọjá 10,000 dọ́là fún tọ́ọ̀nù kan, ẹni tó bá sì ti kọ iye owó ife kan sínú àpèjúwe rẹ̀ ní láti tún un ṣírò léraléra. Ife 40 náà lè yí padà, nítorí ẹ̀rọ tó bá lọ kòkó kúnná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ yóò yí ìwọ̀n tí ṣíbí kan ń gbé padà. Nígbàkigbà tí ẹ bá gba kòkó tuntun láti ilé ìlọta, ẹ tún bu ṣíbí mẹ́wàá, kí ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ sì tún nọ́ńbà náà ṣe kí àpò àkọ́kọ́ tó kúrò nílẹ̀.